Ìwé Ìpè sí Àpèjẹ Ìparí Ọdún Òṣìṣẹ́ àti Gbèdéke Èsì Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa nílùú Ìbàdàn. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ, àwọn tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì mìíràn máa ń pè mí láti béèrè bí a ṣe ń kọ ìwé ìpè tí àwọn ènìyàn á fèsì sí. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Àpèjẹ tí a ṣe ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2025 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ 86 ni wá, gbọ̀ngàn tí a gbà sì wà ní Ríìngì Róòdù.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn kì í fi í fèsì sí ìwé ìpè?

Ohun tí mo rí ni pé ìwé náà kì í béèrè èsì lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé òun ti béèrè nígbà tí òun kọ R.S.V.P. sí ìsàlẹ̀. Èdè Faransé ni lẹ́tà mẹ́rin yẹn ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì". Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo káàdì ìgbéyàwó tó bá wà nílé yín. Lábẹ́ R.S.V.P., orúkọ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta àti nọ́ńbà fóònù wọn ló máa ń wà níbẹ̀. Kò sí ọjọ́, kò sí wákàtí, kò sì sí ohun tí wọ́n ní kí ẹ sọ. Bó ṣe pẹ́ tí a ti ń rí i báyìí, a ti gbà pé àwọn tí a lè pè tí ọ̀nà bá dàrú mọ́ wa lójú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà gbọ̀ngàn kò rí ìdí tí yóò fi pè wọ́n.

Ìdí kejì wà nínú bí a ṣe ń ṣe ìnáwó nílẹ̀ yìí. Tí ẹnì kan ní Ọjà'ba tàbí ní Bẹẹrẹ bá ń sìnkú bàbá rẹ̀, kì í ka àlejò. Ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ á mú ọ̀rẹ́ wá, ó sì ti se oúnjẹ dé ibẹ̀. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn, ó sì dára. Owó ọ́fíìsì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Iye orí ni àwọn aláṣẹ fi ń fọwọ́ sí owó, kò sì sí ẹni tí yóò sáré lọ gba owó mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta tí kúlà bá gbẹ. Nítorí náà, ìwé ìpè ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí káàdì ìnáwó kì í sọ.

Mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá sọ ọ́. Lọ́dún kan, èmi fúnra mi kọ "ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì" sínú ìwé, mi ò fi ọjọ́ sí i. Nǹkan bí ogójì ènìyàn ló fèsì. A ro ó pé àwọn tó dákẹ́ á wà lára àwọn tó ń bọ̀, a sì ní kí alásè se oúnjẹ àádọ́rùn-ún ènìyàn. Àwọn tó wọlé lé ní ọgọ́fà. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì àti àwọn awakọ̀ tó gbé wa wá, ni wọ́n máa ń jẹun kẹ́yìn. Nígbà tó kàn wọ́n, ọbẹ̀ nìkan ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ wa ní, "Kò burú, akọ̀wé, a ti jẹun nílé." Mo mọ̀ pé wọn kò jẹun nílé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi gbèdéke sínú gbogbo ìwé tí mo bá kọ.

Báwo ni a ṣe ń mú ọjọ́ gbèdéke?

Ọjọ́ àpèjẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé kàn ń mú ọjọ́ tó bá wù wọ́n, bóyá ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà tó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá ni àpèjẹ tiwa. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi alásè ni pé, "Ìyá, ọjọ́ wo lẹ máa lọ sọ́jà?" Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11, ni àwọn máa lọ ra ẹran àti ata ní Bódìjà, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ gba iye ènìyàn àti ìyókù owó lọ́wọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4. Ìdí wà fún un. Oṣù Kejìlá ni àsìkò ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe. Alásè kan náà lè ní ibi mẹ́ta láti se oúnjẹ fún ní Àbámẹ́ta kan ṣoṣo, iye ènìyàn tí oníkálukú bá sọ fún un ni yóò fi pín ìkòkò, kúlà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá pẹ́ sọ tiyín, ìkòkò tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ máa gbà.

Mo tún lọ bi ẹ̀ka ìṣirò owó léèrè pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tú owó sílẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé bá ti dé tábìlì wọn. Kí owó tó lè dé ọwọ́ alásè ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4, ìwé mi gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, iye ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Mo nílò òpin ọ̀sẹ̀ kan láti fi pe àwọn tí kò bá fèsì, nítorí wọn á wà, kò sí ọdún tí wọn kì í wà. Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọjọ́ 29 àti ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ni mo fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Bí gbèdéke ṣe bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú àpèjẹ.

Kí n tó fọwọ́ sí ọjọ́ yẹn, mo wo ọjọ́ owó oṣù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ẹni tó bá fẹ́ mú àlejò wá máa san fún oúnjẹ àlejò rẹ̀. Bí gbèdéke bá ṣáájú owó oṣù, àwọn ènìyàn á dákẹ́, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ wá, wọ́n ń dúró de owó ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ìyẹn jáde. Ọjọ́ 25 ni owó tiwa ń wọlé. Ọjọ́ 28 bá a mu.

Ìgbà wo ni kí ìwé náà jáde?

Ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ ṣáájú gbèdéke ni èmi ń lò. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá ni tiwa jáde. Tí ẹ bá gbé e jáde ní oṣù méjì ṣáájú, wọn á fi pamọ́, wọn á sì gbàgbé rẹ̀. Tí ó bá sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré sí gbèdéke, ẹni tó wà ní ìsinmi kò ní gbọ́ rárá.

Ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín "kí ó tó di ọjọ́ 28" àti "ó pẹ́ tán, ọjọ́ 28"?

Ó wà, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ lọ́fíìsì wa rí. Ẹni tó ka "kí ó tó di ọjọ́ 28" lè gbà pé ọjọ́ 27 ni òpin. Ẹlòmíràn á mú èsì tirẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28, á sì bínú pé ẹ ní ó pẹ́. Àwọn méjèèjì ló ka ohun tí ẹ kọ. "Ó pẹ́ tán, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28" kò fàyè gba ìtumọ̀ méjì.

Ẹ má ṣe kọ "láàárín ọ̀sẹ̀ méjì" tàbí "kí ìtàdógún tó pé" náà. Bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọjọ́, wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, lọ́nà mẹ́rin, fi ń jẹ́ ìtàdógún, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọmọ tó ń fi kàlẹ́ńdà orí fóònù ka ọjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ẹ ti ní ìyàtọ̀ ọjọ́ kan láàárín òṣìṣẹ́ méjì tó jókòó sórí tábìlì kan náà. Ẹ tún máa kọ orúkọ ọjọ́ mọ́ nọ́ńbà ọjọ́. Tí ẹ bá ṣe àṣìṣe nínú ọ̀kan, èkejì á tú u fó, ẹnì kan á pè yín kí ó tó pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a rí ìwé náà bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni, nítorí náà kò yẹ kí àwàdà tàbí ìtàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ewé kan ni. Bí ó ṣe lọ nìyí, mo kàn yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò:

> Ẹ̀ka Àbójútó Òṣìṣẹ́,
> Ìbàdàn.
> Ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.
>
> *(Orúkọ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ka rẹ̀)*
>
> Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,
>
> ÌPÈ SÍ ÀPÈJẸ ÌPARÍ ỌDÚN ÒṢÌṢẸ́
>
> Ìgbìmọ̀ Ìgbáyégbádùn Òṣìṣẹ́, lórúkọ àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ wa, ń fi ọ̀wọ̀ pè yín sí àpèjẹ ìparí ọdún tí yóò wáyé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, láti aago kan ọ̀sán sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní *(orúkọ gbọ̀ngàn, nọ́ńbà ilé àti ohun tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀)*, Ríìngì Róòdù, Ìbàdàn.
>
> Àyè wà fún ẹ̀yin àti àlejò kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó oúnjẹ tiyín. Owó oúnjẹ àlejò jẹ́ ₦5,000, ẹ lè san án fún akápò ìgbìmọ̀.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní èsì, ó pẹ́ tán, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025. Yálà ẹ ń bọ̀ tàbí ẹ kò ní lè wá, à ń retí èsì yín. Ẹ lè kún ìwé pélébé tó wà nísàlẹ̀ yìí kí ẹ sì fún akọ̀wé, tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí *(nọ́ńbà akọ̀wé)*.
>
> Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá ni a máa kọ iye ènìyàn fún alásè. Ẹni tí a kò bá gbọ́ èsì rẹ̀ títí di ìgbà náà, a kò ní lè ka oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ọn.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> *(Ìfọwọ́sí àti orúkọ)*
> Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ìgbáyégbádùn Òṣìṣẹ́

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ó le jù. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́. Òun nìkan ló sọ ìdí tí gbèdéke fi wà. Ẹni tó bá kà á mọ̀ pé alásè ni ọ̀rọ̀ kàn, pé kì í ṣe akọ̀wé ló ń ṣe ọ̀gá lé òun lórí. Gbólóhùn náà kò ní ẹ má wá. Ó ní a kò ní lè ka oúnjẹ yín, ìyẹn sì ni òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ibi tí mo kọ gbèdéke sí pẹ̀lú. Àárín ìwé ló wà, mo kọ ọ́ kí ó dúdú, ojú á sì bá a pàdé kí ó tó dé ìfọwọ́sí. Ohun tó bá wà lábẹ́ ìfọwọ́sí, púpọ̀ ènìyàn kì í kà á.

Kí ni ó wà nínú ìwé pélébé ìsàlẹ̀ yẹn?

Orúkọ, ẹ̀ka, "mò ń bọ̀" tàbí "mi ò ní lè wá", "mò ń mú àlejò wá" tàbí "èmi nìkan ni", ìrẹsì tàbí àmàlà, àti ibi tí wọn á ti wọ mọ́tò ọ́fíìsì tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, bóyá Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí Ìwó Róòdù. Mi ò béèrè ohun mìíràn. Ìwé tó bá béèrè nǹkan mẹ́wàá á padà sí àpò ẹni tó gbà á.

Fún àwọn tó bá fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ dáhùn, mo fún wọn ní ohun tí wọn á tẹ̀, láìfi àmì ohùn sí i kí ó lè rọrùn lórí fóònù èyíkéyìí:

```
BEENI 1   (emi nikan)
BEENI 2   (emi ati alejo kan)
RARA      (mi o ni le wa)
```

Wọ́n á kọ orúkọ wọn tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe gbàgbé orúkọ o. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe é, mo gba BEENI méje láti orí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè ìrẹsì tàbí àmàlà? Ṣé kì í ṣe oúnjẹ lásán ni?

Ìbàdàn la wà. Ẹ ò lè ṣe àpèjẹ níbí kí ẹ má fi gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i. Ìrẹsì ṣeé sè sílẹ̀ láti àárọ̀, á wà nínú kúlà, á sì gbóná di ìrọ̀lẹ́. Àmàlà kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́, ó ń le, omi á máa sẹ̀ lára ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, ẹni tó mọ àmàlà á sì ti mọ̀ nígbà tó bá fọwọ́ kàn án. Ibi àpèjẹ gan-an ni alásè wa ti ń rò ó, ènìyàn méjì ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Tí a bá sọ fún un pé ogójì ènìyàn ló fẹ́ àmàlà, ó mọ iye èlùbọ́ tó máa gbé dání, ó mọ iye ìkòkò, ó sì mọ iye ọwọ́ tó nílò. Láìsí ìwé pélébé yẹn, à ń méfò ni.

Ṣé a lè kàn gbé ìwé náà sórí Wasáàpù ọ́fíìsì?

Ẹ gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ibẹ̀ nìkan. Nínú òṣìṣẹ́ 86, àwọn mọ́kànlá ni kò sí lórí Wasáàpù ọ́fíìsì. Agbálẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn, ọlọ́dẹ òru ni àwọn mìíràn, awakọ̀ méjì sì ń lo fóònù tẹ̀mítẹ̀mí. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń rò pé àpèjẹ náà kì í ṣe tiwọn, pé tí a bá fẹ́ wọn níbẹ̀ à bá sọ fún wọn. Ìwé tí a tẹ orúkọ wọn sí ni mo ń fi ọwọ́ ara mi fún wọn. Mo dúró de àwọn ọlọ́dẹ òru ní aago méje àárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Mo ka ìwé náà fún ẹni tó bá ní kí n kà á, mo sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wasáàpù tún ní ìṣòro kan. Àmì búlúù méjì máa ń hàn, a ó sì rò pé ẹni náà ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kọ́ ni èsì. Bí ènìyàn mẹ́ta bá sì ti kọ "À ń bọ̀ o!" sínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ á kàn fi àwòrán àtàǹpàkò tì í lẹ́yìn. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń sọ pé àwọn náà ń bọ̀, tàbí wọ́n kàn ń dùnnú pé ẹlòmíràn ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé ti orí Wasáàpù pé nọ́ńbà akọ̀wé nìkan ni kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí.

Báwo ni a ṣe ń fún ọ̀gá àgbà ní ìwé tirẹ̀? Ṣé òun náà ní gbèdéke?

Òun náà ní gbèdéke, nítorí òun náà máa jẹun. Alága ìgbìmọ̀ ló mú tirẹ̀ lọ, inú àpòòwé ló fi í sí, ó kí wọn, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, a ó máa retí èsì yín ní Ọjọ́ Ẹtì." Ní tiwa, ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ fèsì lọ́dún 2025, a sì sọ ọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ran iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ju ìránnilétí èyíkéyìí lọ.

Ẹnì kan fèsì pé "Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i." Kí ni kí n kọ sílẹ̀?

Èyí ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù. Nínú èdè wa, ó ṣòro láti wo ojú ẹni tó pè ẹ́ kí o sọ pé o ò ní wá. Ó dà bí ìgbà tí o kọ ènìyàn náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ dáadáa tí a fi ń bo "rárá" mọ́lẹ̀: "Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i", "a máa gbìyànjú", "ó di ọjọ́ náà", "ẹ máa fi wá sọ́kàn". Àmọ́ ẹni tó fẹ́ wá tọkàntọkàn náà lè sọ pé "mò ń bọ̀ lágbára Ọlọ́run" tàbí "in ṣáà Allah", nítorí kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀la. Bí ẹ bá kọ gbogbo ẹni tó dárúkọ Ọlọ́run sí abẹ́ "kò ní wá", ẹ máa ṣe àṣìṣe púpọ̀.

Ohun tí mo máa ń tẹ́tí sí ni ọ̀rọ̀ tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀lé e. Tí "mò ń bọ̀" bá wà nínú rẹ̀, mo kà á sí bẹ́ẹ̀ni. Tí kò bá sí, mi ò kọ nǹkan kan. Mo padà lọ bá ẹni náà, mo sì béèrè ohun mìíràn: "Àǹtí, ṣé kí alásè fi àmàlà yín sílẹ̀ ni àbí ìrẹsì?" Ẹni tó ń bọ̀ á mú ọ̀kan. Ẹni tí kò ní wá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, mo ní ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà." Ó ti sọ ọ́, kò sì tì í lójú, nítorí kì í ṣe èmi ló kọ̀, oúnjẹ ló kọ̀.

Ìdí nìyẹn tí "yálà ẹ ń bọ̀ tàbí ẹ kò ní lè wá, à ń retí èsì yín" fi wà nínú ìwé. Ó fún ènìyàn láyè láti sọ pé rárá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwé pélébé náà tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó rọrùn láti fi àmì sí "mi ò ní lè wá" lórí ìwé ju kí ènìyàn sọ ọ́ lójú ẹni lọ.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí a rán wọn létí?

Ẹ̀ẹ̀mejì. Àwa ṣe é ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24, àti ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28. Àwọn tí kò tíì fèsì nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí. Tí ẹ bá rán gbogbo ènìyàn létí, àwọn tó ti fèsì á rò pé èsì àwọn sọnù, wọn á tún fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ ó sì ka ènìyàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Gbèdéke ti kọjá, ọ̀pọ̀ kò fèsì. Kí ló kàn?

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa hàn yín. Ní aago mẹ́rin Ọjọ́ Ẹtì náà, òṣìṣẹ́ 61 ti fèsì. Àwọn 52 ní àwọn ń bọ̀, 31 nínú wọn ń mú àlejò wá. Àwọn mẹ́sàn-án ní àwọn kò ní lè wá. Èyí fún mi ní ènìyàn 83.

Ó ku òṣìṣẹ́ 25. Èmi àti ẹnì kejì mi nínú ìgbìmọ̀ pín orúkọ wọn, a sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní Àbámẹ́ta àti lẹ́yìn ìsìn Àìkú. Ìpè kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àwọn 14 ní àwọn ń bọ̀, àwọn mẹ́fà nínú wọn sì ní àlejò. Àwọn mẹ́jọ kò ní wá. Àwọn mẹ́ta ni a kò rí bá sọ̀rọ̀ rárá. Ogún ènìyàn nìyẹn fi kún 83, ó di 103.

Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣìnà. Dííjéè àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń ya fọ́tò, atọ́kùn ètò, awakọ̀ mọ́tò méjèèjì àti àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Wọn ò gba ìwé ìpè, ṣùgbọ́n wọ́n ní ikùn. Ó di 112. Mo fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí a kò rí bá sọ̀rọ̀, nítorí a kò mọ̀ bóyá ara wọn ò yá tàbí fóònù wọn ló bàjẹ́. Ènìyàn 115 ni mo kọ fún alásè. Bí tiwọn ṣe rí, tí ènìyàn mẹ́wàá bá ń jẹ ìrẹsì, kóńgò kan ni wọ́n ń sè, wọ́n sì yọ àwọn 40 tó mú àmàlà kúrò. Ìrẹsì ènìyàn 75 ló kù, wọ́n se kóńgò mẹ́jọ.

Ẹnì kan fèsì lẹ́yìn gbèdéke. Ṣé kí a gbà á?

Tí iye ènìyàn kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ alásè, ẹ gbà á láìbínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fún un pé ó káàbọ̀, àga wà fún un, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ á dúró dìgbà tí gbogbo ẹni tó fèsì bá ti gba tiwọn. Àlejò tuntun ni kí ẹ má gbà mọ́ ní àkókò yìí. Tí ẹ bá gba ti ẹnì kan, ọ̀rọ̀ á tàn kálẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn tó ń mú ọmọ wá ńkọ́?

Ẹ sọ ọ́ nínú ìwé bóyá ọmọ wà lára "àlejò kan". A kò sọ ọ́ lọ́dún 2025, ọmọ márùn-ún ló sì bá òbí wọn wá. A rí oúnjẹ fún wọn lára ti àwọn tí kò wá, ṣùgbọ́n àga kò tó. Ti ọdún 2026 ti wà nínú àkọsílẹ̀ mi báyìí: "Àlejò kan, àgbà tàbí ọmọdé."

Ṣé ó yẹ kí a kọ irú aṣọ tí wọn á wọ̀?

Gbólóhùn kan tó: "Aṣọ ìbílẹ̀ ni a ó wọ̀." Ẹ má ṣe sọ ọ́ di aṣọ ẹbí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rà, nítorí ẹni tí kò lówó aṣọ kò ní fèsì, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ọ́fíìsì wa wọ àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tó ní àwòrán òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, ó sì wuyì lójú.

Àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ kò wá. Ṣé kí a bi wọ́n léèrè?

Mi ò bi wọ́n bí ẹni ń fẹ̀sùn kàn wọ́n. Àìsàn ń dé, ọ̀fọ̀ ń ṣẹlẹ̀, mọ́tò sì lè dúró sí Ìwó Róòdù fún wákàtí méjì nínú oṣù Kejìlá. Ohun tí mo ń ṣe ni pé ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé orúkọ, ó ń fi àmì sí ẹni tó bá wọlé. Nínú àwọn 103 tó ní àwọn ń bọ̀, 98 ló wá. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a kò rí bá sọ̀rọ̀ wọlé, àwọn méjì tó ti ní àwọn kò ní wá náà sì yọjú. Ènìyàn 101 ni, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ márùn-ún. Àwọn ọlọ́dẹ méjì tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà ti fèsì pé àwọn ò ní lè wá, nítorí náà mo di àmàlà àti ẹran wọn sínú kúlà kékeré, awakọ̀ sì gbé e lọ fún wọn kí ó tó di aago mẹ́ta. Ìwé orúkọ náà wà nínú fáìlì. Òun ni mo máa kọ́kọ́ ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí mo bá ń pe alásè láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sọ́jà.